Jẹ́ Kó Lè Lé Ọ: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀ Ọ̀rẹ́ Mi

Nílẹ̀ wa, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gan-an ló ń ṣe àlejò àwọn tó wá kí i. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, nílé Mọnsúrá (kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn), mo jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, mo ń wo obìnrin tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ lánàá. Bí màmá àgbà kan bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á rọra dìde lórí ẹní, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ ṣeun mà." Wọ́n á ní kó jókòó, á jókòó. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀. Kí ló ṣe ọmọ? Ìgbà wo ni ibà náà mú un? Ṣé ẹ ò tètè gbé e lọ sọ́síbítù ni? Á tún rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ara ọmọ ṣe gbóná ní ìrọ̀lẹ́, bí gìrì ṣe gbé e kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí dókítà sọ. Bó bá ń parí ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn á tún wọlé, á tún kúnlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ibà.

Mo sọ èyí nítorí pé lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Mọnsúrá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó pa fóònù, gbogbo àdúgbò sì ń sọ pé kò fẹ́ rí ènìyàn mọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá, Mọnsúrá ní òun ń sùn. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wá, kò dá wọn lóhùn. Èmi rò pé kì í ṣe ènìyàn ló sú u, iṣẹ́ ìgbàlejò yẹn ni kò lè ṣe mọ́. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ló sú u, kí a fi í sílẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ náà ni, a lè wà nítòsí rẹ̀ bí a bá lè gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: kó má kúnlẹ̀, kó má ròyìn, kó má dúpẹ́, kó má ronú bóyá inú wa dùn tàbí kò dùn. Orí èyí ni mo gbé gbogbo ohun tí mo ṣe lé.

Ilé ìwé kan náà la jọ lọ. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ìgbọ̀nà. Aláró ni èmi, adìrẹ ni mò ń ṣe, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ ìyá ìyá mi. Ìbàdàn ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, ó sì ní láti padà lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò fún un láàyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jámíù ni àkọ́bí wọn. Oṣù márùn-ún ló lò.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ìyá tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Àdúrà ni, mi ò bá ẹni tó sọ ọ́ jà, ìyá mi náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì yẹn, mo rí i pé iwájú bùbá Mọnsúrá ti tutù, ó sì ń fi ìborùn bò ó. Ọmú nìkan ni Jámíù ń mu, kò tíì tọ́ ẹ̀kọ wò. Ara ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ọmọ ti lọ.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, èyí ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta. Bí ọmọ tó ń mu ọmú bá kú, wàrà á ṣì máa wá. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí kò sí ẹni tó ń fà á, ọmú á le gbagidi, á máa gbóná, á máa ro obìnrin náà débi pé kò ní lè gbé apá sókè. Màmá kan nínú ẹbí ti mú ọ̀já wá láti fi dì í pinpin. Mo bọ́ síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe dì í, pé wàrà tó bá há sínú lè di egbò àti ibà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fún un tán pẹ̀lú, torí bí ọmú bá ti ń ṣófo ni ara á máa pèsè òmíràn. Kó fún ìwọ̀nba tí ara á fi tù ú, kó dáwọ́ dúró. Kó fi táwẹ́lì tí wọ́n rẹ sínú omi tútù lé e. Kó wọ kọ́mú tó gbé e dúró tí kò fún un mọ́lẹ̀. Kó lo parasitamọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Díẹ̀díẹ̀ ni á gbẹ, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ tán. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá pọ́n lára ọmú, tó ń gbóná, tí òtútù àti ibà sì dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ sọ́síbítù.

Mo bu omi láti inú fíríìjì aládùúgbò, mo gbé e sí balùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́lì. Mo sọ̀rọ̀ náà fún Mọnsúrá ní etí, ní ṣókí, mo ní, "Wọlé, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé bá ọ." Ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń fún wàrà sí ilẹ̀ símẹ́ńtì, mo sì gbọ́ tó bú sẹ́kún. Màmá kan fẹ́ kọjá lára mi láti lọ pa á lẹ́nu mọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ń wẹ̀ ni." Ó sunkún náà títí ó fi sú u fúnra rẹ̀. Láti àárọ̀ àná, gbogbo ìgbà tó bá ti ya ẹnu ni wọ́n ti ń ní kó gba kádàrá.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ tí ilẹ̀kùn wá tì, orí Wọ́sáàpù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò pè é rí. Ẹni tó bá pe ènìyàn ń ní kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mi ò fi ohùn ránṣẹ́ náà, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ bó ṣe gùn tó, ṣùgbọ́n a lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan wo ìkọ̀wé, ká sì gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí: "Ìyá Jámíù, èmi ni. Má dáhùn. Mo gbé ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ sójú fèrèsé ẹ̀yìn. Mi ò ní gba ike yẹn padà."

Àmì kan ṣoṣo ló jáde lábẹ́ rẹ̀, fóònù ṣì wà ní pípa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ ìwọ̀n. Bí mo bá ń kọ ọ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ọjọ́ tó bá tan fóònù ni gbogbo rẹ̀ á ya lù ú lẹ́ẹ̀kan, á sì di gbèsè sí i lọ́rùn. Nítorí náà, mò ń fi ọjọ́ díẹ̀ sáàárín, mi ò sì béèrè nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí "báwo ni?" níbẹ̀. Ẹni tí a bá bi pé ṣé dáadáa ni, ìdáhùn kan náà la fi kọ́ gbogbo wa, "a dúpẹ́" ni. Kí ló dé tí mo fẹ́ kí ó purọ́ fún mi? Mi ò sì kọ "ohunkóhun tí o bá fẹ́, ṣáà pè mí." Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ní láti wá ohun tó fẹ́, ó ní láti wò ó bóyá kò pọ̀ jù, lẹ́yìn náà kó wá tọrọ rẹ̀. Ẹni tí kò rántí bóyá òun ti jẹun, ibo ló ti fẹ́ rí agbára ìyẹn?

Ohun tí mò ń kọ kò ju báyìí lọ: "Òjò rọ̀ ní Ìgbọ̀nà lónìí, omi wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bọ́tìnnì, wọ́n ń sá bọ́tìnnì sóòrùn. Má dáhùn." Tàbí: "Mo rántí Jámíù lónìí, bó ṣe máa ń di irun mi mú tí kò ní fẹ́ fi sílẹ̀. Má dáhùn." Nígbà tó yá, àmì náà di méjì, ó sì di aláwọ̀ búlúù. Ó ti kà á. Mi ò kọ "mo rí i pé o ti kà á" sí i o. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọlọ́pàá tó mú olè.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, torí mo rí àwọn tó gbé àmàlà gbóná nínú kúlà ńlá wá, kúlà tí wọ́n fẹ́ gbà padà lọ́jọ́ kejì. Àmàlà á tutù, á le, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ mọ́. Kúlà á wá di ohun tí a ní láti fọ̀, tí olúwa rẹ̀ á wá kanlẹ̀kùn béèrè. Ẹ̀kọ tútù tó wà nínú ewé kò béèrè iná, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ọ̀lẹ̀. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dí lè jẹ ìdá mẹ́rin ẹ̀kọ kan, kó tún wé ewé náà padà. Inú ike tí kò níye lórí ni mò ń gbé e sí. Bí mo bá dé, mo máa kan fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, mo máa ní, "Èmi ni, mo ti gbé e kalẹ̀, mo ń lọ," mo sì máa lọ lóòótọ́. Bí mo bá dé lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń wo ike. Bó bá ṣófo, ó ń jẹun. Ọ̀nà tí mo fi ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ láìbéèrè nìyẹn.

Láti orí fèrèsé ni mo ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ọjọ́bọ̀ ni mo mú. Lẹ́yìn ìrun Àlásárì ni mo máa ń dé, mo sì máa ń kúrò kí wọ́n tó pe Mágáríbì. Mo kọ ọ́ sí i ṣáájú pé bí n ó ṣe dé àti bí n ó ṣe lọ nìyẹn, pé kò ní láti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tó mọ ìgbà tí àlejò máa lọ lè fara da àlejò. Aṣọ adìrẹ oníko ni mo ń gbé dání. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, a máa ń ká orí aṣọ funfun, a ó sì fi ìko so ó pinpin kí aró má lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó pẹ́ ni, kò ní ariwo, kì í sì í jẹ́ kí a máa wo ojú ẹni tó jókòó tì wá. Mo ń so tèmi níta, òun wà nínú ilé. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn mi ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń so aṣọ."

"Ṣé ilé rẹ ò gbà ọ́ ni?"

"Ó gbà mí."

Ó dákẹ́. "Jọ̀ọ́, máa lọ."

Mo ká aṣọ mi, mo ní, "Ó dáa. Ọjọ́bọ̀ ni n ó tún wá," mo sì lọ. Mágáríbì ṣì jìnnà.

Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, ìlọ yẹn ni, kì í ṣe ìjókòó. Mo ti rí bí àwọn tó lé ṣáájú mi ṣe ṣe. Ọ̀rẹ́ wa kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé, "Ṣé èmi lò ń lé? Èmi tí mo tẹ̀ lé ọ délé ọkọ?" Ó bínú lọ, ó fi ẹjọ́ sun ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọkọ pe Mọnsúrá, Mọnsúrá sì ní láti bẹ ọ̀rẹ́ náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ló ń bẹ ẹni tí inú ń bí. Nítorí náà, ó ti kọ́ pé bí òun bá ní "máa lọ," ìjà ló máa tẹ̀ lé e, ó sì sàn kí òun má ṣílẹ̀kùn rárá. Nígbà tó rí i pé mo lọ láìsí ìmí ẹ̀dùn, láìsí ẹjọ́, tí mo sì tún wá ní Ọjọ́bọ̀ bí mo ṣe wí, tí ojú mi kò le, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀. Ó tún lé mi lẹ́yìn náà. Mo tún lọ. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Láàárín àkókò yìí, àwọn oníbàárà ti ń wá aṣọ wọn. Aṣọ ẹbí wà níbẹ̀ tí ọjọ́ ìnáwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan sì ti ń bọ̀ wá kanlẹ̀kùn nílé. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Mo lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí n dá aṣọ tí o kò tíì gé padà fún àwọn tó ni ín, kí n sì kó èyí tí o ti gé lọ fún Àlájà tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí o bá gbà, gbé kọ́kọ́rọ́ sójú fèrèsé. Bí o kò bá gbà, má gbé nǹkan kan síbẹ̀, mi ò ní béèrè." Mo ronú lórí ìkọ̀wé yẹn dáadáa kí n tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ kọ̀, kò ní láti ṣe ohunkóhun rárá. Bí ó bá fẹ́ gbà, kò ní láti sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ wà lójú fèrèsé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lábẹ́ ike ẹ̀kọ.

Mo bá aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà kékeré tí ó fi pín-ìnnì mọ́ ọn, orúkọ àti iye owó tí wọ́n ti san wà lára rẹ̀. Ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n ara àwọn oníbàárà sí wà lórí máṣíìnì. Mo ra ìwé mìíràn, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i: ta ló ni ín, kí ni, eélòó ló ti san, ibo ni aṣọ wà báyìí. Àwọn tí aṣọ wọn kò tíì rí sísọ́ọ̀sì, mo dá a padà. Àwọn tó ti san owó sílẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, ọ̀pọ̀ wọn gbà. Ìyá kan láti Òkè-Fíà tilẹ̀ jókòó, ó sunkún, ó ní ó ṣẹlẹ̀ sí òun náà rí. Ẹnì kan bú mi. Mi ò sọ ti èébú náà fún Mọnsúrá, mi ò sì máa mú ìṣòro kọ̀ọ̀kan lọ bá a. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni mo kọ ìkọ̀wé kan ṣoṣo: aṣọ wo ló lọ, èwo ló wà lọ́dọ̀ Àlájà, ìwé wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà ń dà á láàmú, mo sì mọ̀ ọ́n torí pé etí mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn obìnrin kan ti sọ fún un lọ́jọ́ kẹrin pé Mùsùlùmí kì í ṣọ̀fọ̀ ju ọjọ́ 3 lọ, pé ẹṣẹ̀ ni ẹkún rẹ̀. Mo lọ bi áfáà àdúgbò wa. Wọ́n ní ọjọ́ 3 yẹn wà lóòótọ́, ti opó sì jẹ́ oṣù 4 àti ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí obìnrin fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ ni, bíi tìróò, lọ́fínńdà àti aṣọ olówó ńlá. Kò sí òfin tó fi ọjọ́ sí omi ojú. Wọ́n ní Ànábì náà sunkún nígbà tí Ìbúráhímù ọmọ wọn kú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, wọ́n sì ní ojú ń da omi, ọkàn ń bàjẹ́, àmọ́ ohun tí inú Olúwa dùn sí nìkan ni a ó máa sọ. Mi ò gbé èyí lọ ṣe wáàsù fún Mọnsúrá. Mo bẹ áfáà pé kí wọ́n sọ ọ́ níbi àsàlátù, kí àwọn tó ń dà á láàmú gbọ́ ọ fúnra wọn. Wọ́n sọ ọ́. Mo rò pé bí ẹnu ènìyàn bá ń pa ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lára, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹnu ló yẹ ká lọ.

Orúkọ wà níbẹ̀ náà. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni gbogbo wa ti ń pè é ní Ìyá Jámíù. Lẹ́yìn ikú náà, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó. Àwọn kan padà sí Mọnsúrá, àwọn kan ń pè é ní Àǹtí Aránṣọ, ìyàwó onílé tilẹ̀ ń ní "ẹ̀yin yìí." Èmi kò yí i padà. Mo kọ ọ́ sí i pé n ó máa pè é bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ìyá mìíràn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Kò ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n dákẹ́ orúkọ yẹn, ó ń ṣe òun bí ẹni pé òun ò bí i rí.

Mo ní láti sọ ibi tí gbogbo "má dáhùn" yìí parí sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dáhùn fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ó ti rẹ̀ mí. Ó wù mí kí n lọ bá Jámíù." Ike ẹ̀kọ sì ti wà lójú fèrèsé láti ìjẹta, kò kàn án. Méjèèjì papọ̀ ló dẹ́rù bà mí, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kọ́ mi ní ohun tí mo lè ṣe. Wọ́n ní kí n bi í lójúkojú, pé ìbéèrè kì í fi èrò tí kò sí níbẹ̀ síni lọ́kàn. Mo lọ síbẹ̀, mo ní, "Lónìí mo fẹ́ kí o ṣílẹ̀kùn." Ó ṣí i. Mo ní, "Ìyá Jámíù, ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ ni?" Ó wo ilẹ̀ pẹ́. Ó ní òun kò tíì pinnu ohunkóhun, ó kàn máa ń wá sọ́kàn òun lóru ni. Mo béèrè bóyá oògùn kòkòrò wà nílé. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e jáde fún ìyàwó onílé, mo tún kó àwọn oògùn tó ṣẹ́kù dání. Mo wá sọ fún un pé, "N ó pe ọkọ rẹ báyìí, níwájú rẹ. Èyí ni mi ò ní bá ọ pa mọ́." Inú rẹ̀ kò dùn. Mo pè é. Mo sùn síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa mẹ́ta la jọ lọ sí ọ́síbítù ńlá.

Dókítà tó rí i bi í nípa oorun, oúnjẹ àti èrò òru yẹn, wọ́n sì ṣàlàyé fún ọkọ pé obìnrin tí kò tíì pé ọdún kan tó bímọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ìbímọ lè wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀fọ̀, pé kí wọ́n má fi méjèèjì ṣe ọ̀kan. Wọ́n fún un ní ọjọ́ tí yóò máa padà wá. Ọkọ gba ìsinmi láti ibi iṣẹ́. Èmi padà sí Ọjọ́bọ̀ mi. Mo ti rò pé kò ní fẹ́ rí mi mọ́ torí ìpè yẹn, òótọ́ sì ni pé ó yí ojú sí mi fún ìgbà díẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, n ó tún pè.

Ohun tó mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní ọ̀wọ̀ kankan nínú. Oníbàárà kan ya fọ́tò bùbá tí àwọn ọmọ iṣẹ́ Àlájà rán, ó fi ránṣẹ́ sí i. Mo jókòó, mo ń so aṣọ mi, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, ó na fóònù sí mi lójú. "Ta ló rán ọrùn yìí? Ẹ wò ó, ó wọ́! Orúkọ mi ni wọ́n ń bàjẹ́!" Ó dúró níbẹ̀, ó ń bú ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ rí, ó ń ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá kí ó má baà wọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ́. Ó jókòó láti fi ìka yàwòrán rẹ̀ sí orí ilẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pe Mágáríbì, ṣe ni mo ká aṣọ mi bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọrùn bùbá kò tíì tán.

Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Kò lè lọ síbi ìsọmọlórúkọ síbẹ̀, mi ò sì rò ó pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fà á lọ. Bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan nínú wa ti bímọ, mo máa ń kọ ọ́ sí i ṣáájú, kí ó má lọ ṣèèṣì gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà láàárín ọjà. Ó máa ń rán aṣọ ọmọ ránṣẹ́ látọwọ́ mi. Bí wọ́n bá bi mí pé Ìyá Jámíù dà, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń yí ọ̀rọ̀ náà sí oúnjẹ.